Ìpinnu Tí Kò Tíì Jáde

Kí ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa tó wọ kámíọ̀ lọ sí Kutọnu, ó fi ìwé ìfiṣẹ́lénilọ́wọ́ kan lé mi lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn Bassila. Àwa là ń gún àwọn tó ní àrùn oorun lábẹ́rẹ́ láti abúlé dé abúlé. Ẹ̀gbọ́n náà kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Iṣẹ́ tó kù: kí n lọ gún àwọn ará Manigri lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n sì béèrè oògùn tuntun. Ewu tó wà: oògùn náà lè fọ́ni lójú. “Má bi wọ́n bóyá wọ́n ń ríran. Wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Jẹ́ kí aláìsàn wo ọ̀kánkán, kó o gbé ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sọ èyí tó rí.” Ìpinnu tí kò tíì jáde: ìyá kan tí ń ran òwú ní Manigri, ojú rẹ̀ ń ṣú. “Mo ti kọ̀wé sí dokítà tó wà ní Djougou, bóyá ká ṣì máa gún un. Má gún un kí èsì tó dé.”

Inú bí mi. Ṣé ohun tí ẹni tó ń lọ ò rí ṣe ni wọ́n á dì lé ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí?

Ní Manigri, ìyá náà jókòó sórí ẹní, ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ máa wo igi iwájú yẹn.” Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ní ọ̀tún. Mo gbé tòsì, ó ní òsì. Ara mi yá gágá. Àfi ìgbà tí mo fiyè sí i pé ọmọ yẹn ń húkọ́: ẹ̀ẹ̀kan fún ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mejì fún òsì.

Mo ní kó lọ bá mi pọn omi wá. Mo tún gbé ọwọ́ sókè. Ìyá tẹ́tí sílẹ̀, ó ń retí ikọ́.

“Ìyá, mi ò lè gún yín.”

“Háà! Àrùn yìí ló pa àbúrò mi. Ó sùn títí, a ò rí i jí mọ́. Bí ojú bá máa fọ́, kó fọ́! Afọ́jú ṣì lè ran òwú. Kí ni òkú lè ṣe? Ṣé ìwọ lo máa pinnu ni?”

“Dokítà ni, Ìyá.”

“Ṣé dokítà mọ̀ mí?”

Mo kó abẹ́rẹ́ mi, mo padà sí Bassila, mo tún kọ̀wé sí Djougou, mo sì fi rán awakọ̀ kámíọ̀.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí èsì tó dé: kí n dá abẹ́rẹ́ náà dúró pátápátá. Ohun tó tọ́ ni, mo mọ̀. Ó sì dùn mí wọra.

Mo padà sí Manigri, mo bá ìyá lójú oorun lọ́sàn-án gangan, òwú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jí i. Mo jíṣẹ́ fún un. Ó la ojú, ó wò mí tààrà, ó ní, “Mo rí ẹ o.” Ó sì tún sùn. Ọmọ rẹ̀ ò húkọ́, kò sunkún, ó kàn gba òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó kan èmi náà láti fiṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, mo kọ iṣẹ́ tó kù, mo kọ ewu tó wà. Nígbà tí mo dé ibi ìpinnu tí kò tíì jáde, mo tún èsì Djougou kà. Mo kọ ọ́ pé kò sí.