Yàrá Ìkẹyìn Tí Màámi Máa Ń Kọ

Nígbà tí gbogbo wa ṣì ń gbé ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú, bàbá mi ló ń ṣe kúrọ́sìwọ́ọ̀dù, eré fífi lẹ́tà ìdáhùn àlọ́ kún àwọn yàrá kéékèèké, tó máa ń wà lójú ewé ẹ̀yìn ìwé ìròyìn àdúgbò wa. Lọ́sàn-án Sátidé, yóò jókòó ti rúlà àti pẹ́ńsù, yóò fa ilà ní ìbú àti ní òòró, yóò kun àwọn yàrá kan ní dúdú, lẹ́yìn náà ni yóò dorí ìwé kodò. Bí àwọn dúdú náà ò bá jókòó bí wọ́n ṣe jókòó tẹ́lẹ̀, yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Bàbá, ta ló máa dorí ìwé ìròyìn kodò kó tó kà á?" Ó ní kí n lọ fọ abọ́.

Màámi ló máa ń dán an wò. Ọmọ Ìkòròdú ni, Bàbá sì jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó wúlò: kò mọ ọ̀rọ̀ ilé Bàbá. Àlọ́ tó le kò bí i nínú. Bàbá kọ ọ̀kan nígbà kan pé, "Iná lọ, mo ń fọwọ́ ṣe atẹ́gùn." Ó ronú títí, ó kọ abẹ̀bẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá mọ̀, tí àwọn ọ̀rọ̀ tó dábùú rẹ̀ kò sì ràn án lọ́wọ́, Bàbá yóò yọ ọ́ kúrò, yóò máa kùn. Bó bá tún un ṣe tán tó ku yàrá kan ṣoṣo, Bàbá yóò na pẹ́ńsù sí i, Màámi yóò sì kọ lẹ́tà ìkẹyìn. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, kí n má purọ́.

Lẹ́yìn tí Màámi kú, Bàbá padà sí Ẹ̀pẹ́, kò sì fọwọ́ kan pẹ́ńsù mọ́. Ojú ewé ẹ̀yìn wá di ti ìpolówó omi inú ọ̀rá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ta ni yóò bá mi dán an wò?" Yóò tún kọjú sí ọ̀sà. Kì í ṣe kúrọ́sìwọ́ọ̀dù ni mò ń wá, bàbá mi ni mò ń wá.

Ni mo bá ṣe tèmi. Iye ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo yàrá náà gbà mí, kí ẹnikẹ́ni má bi mí. Mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo ra ẹja ní Ọjà Olúwo, mo fi ìwé náà síwájú Bàbá pẹ̀lú pẹ́ńsù, mo sì wọlé lọ fọ ẹja. Mo ń wò ó lójú fèrèsé. Kò mira. Mo fi ìbínú họ ìpẹ́ ẹja náà.

Nígbà tí mo tún yọjú, ó ti mú pẹ́ńsù, ó sì ti ń kọ ọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ìwọ, wá níbí. Kí lèyí?"

Ó tọ́ka sí ibi tí ẹja ọ̀bọ̀kún ti dábùú Olúwo, tí àwọn méjèèjì jọ ń lo U kan náà.

"Bàbá, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ wọ́n."

"Èmi mọ̀ wọ́n. Àwọn ará Lásùnwọ̀n ńkọ́? Ẹni tí kò mọ ẹja wa, tí kò sì mọ ọjà wa, ibo ni yóò ti rí U yẹn? Ìyá rẹ ì bá ti ju ìwé yìí sí ọ lára."

Òótọ́ ni. Ìfẹ́ ilé ló bò mí lójú. Bàbá pa Olúwo rẹ́, ó fi òrùka dípò rẹ̀, U sì dúró sí àyè rẹ̀. Omi tó bẹ̀rẹ̀ níbi tí Olúwo parí sí yóò wá di àmì. Ó kọ àlọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: "Ìka kan ló ń dè, ènìyàn méjì ló ń so pọ̀." Òrùka tirẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku yàrá kan tí kò tíì kọ, A tí òrùka parí sí, tí àmì sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé pẹ́ńsù lé e, kò kọ ọ́.

"Ìyá rẹ ló ni yàrá yìí," ó wí.

Ó wá na pẹ́ńsù sí mi. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún ẹja, pẹ́ńsù sì ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo kọ A, ó wọ́. Mo bẹ Bàbá pé kó jẹ́ kí n pa á rẹ́, kí n tún un kọ.

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. "Fi í sílẹ̀," ó wí. "Ti ìyá rẹ náà máa ń wọ́."