Ìbéèrè Kẹta Nínú Ìwé Faransé

Ní ọdún 1984, olùkọ́ kan wà ní àdúgbò Albarika ní Parakou tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Màdáámù Gẹ̀ẹ́sì. Adépéjú ni orúkọ rẹ̀. Ṣábẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó ti dàgbà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ, ibẹ̀ ló sì ti ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó padà sílé, ó tún Faransé kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Kò lọ́kọ mọ́. Ọkùnrin náà ti kó lọ sí Kútọnu, kò sì fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Yàrá méjì ló ń gbé, ó ní tábìlì kan tó dúró dáadáa, orí tábìlì yẹn ló sì ti ń ṣe iṣẹ́ kejì tí kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é ní ìlú náà.

Iṣẹ́ náà nìyí. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi Faransé kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún kìíní nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Yunifásítì kan ní Nàìjíríà ti gbà pé ẹni tó bá yege lè wá bẹ̀rẹ̀ ọdún kejì lọ́dọ̀ àwọn. Ṣùgbọ́n ìdánwò kan náà ni àwọn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣe, ní ọjọ́ kan náà. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ìbéèrè ti ń wá, Adépéjú ni yóò sì sọ ọ́ di Faransé.

Ó ti ṣe é fún ọdún mẹ́ta, ó sì ti mọ ibi tó ti le. Bí Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì bá kọ 1,200, ẹgbẹ̀fà ni. Bí ẹni tó ka Faransé bá rí i bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lé díẹ̀ ni yóò kà á sí. Bàbá àgbà tó ń ṣe ìbéèrè náà ní yunifásítì ṣì fẹ́ràn ẹsẹ̀, íǹṣì àti pọ́n-ùn. Bí a bá yí 10 ẹsẹ̀ padà gẹ́lẹ́, 3.048 mítà ni yóò dà, ọmọ Faransé yóò wá máa jìjàkadì pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó rọrùn fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, 3 ni yóò kọ, wọn yóò sì tún ìdáhùn ṣírò. Ẹni tó ń bá a ṣírò ni Kàsìmáwò, ẹnjiníà ní ilé àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin, ọmọ àwọn oníṣòwò ọjà Àrzèkè. Ó ti tó ọmọ àádọ́ta ọdún. Adépéjú a máa pè é ní Ẹ̀gbọ́n.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, kí ìdánwò tó dé, Adéṣínà wá sí ilé rẹ̀. Òun ni aṣojú Ẹgbẹ́ Ìṣèlú tó ń ṣèjọba ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìwọ ni ó máa ń pe gbogbo ènìyàn, àgbà àti ọmọdé, nítorí Ìyípadà tí ìjọba ń polongo, tó ní gbogbo ènìyàn dọ́gba.

"Kàmáráàdì, mo gbọ́ pé ìbéèrè karùn-ún ní ẹ̀tàn nínú. Wọ́n fún àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ní nọ́ńbà kan tí kò wúlò fún ohunkóhun."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ̀n ọkọ̀ tó wà nínú ìbéèrè náà ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò mọ̀ pé kò nílò rẹ̀."

"Yọ ọ́ kúrò."

"Àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì yóò rí i, àwọn tiwa kò ní rí i? Ìdánwò méjì nìyẹn, Kàmáráàdì. Tí wọ́n bá mọ̀ ní ọ̀hún, wọn yóò da gbogbo rẹ̀ nù."

Adéṣínà wò ó. "Orí rẹ le bí òkúta Ṣábẹ̀," ó wí, ó sì lọ. Nọ́ńbà náà wà níbẹ̀.

Ìbéèrè kẹta kò fa àríyànjiyàn kankan. Ó dá lórí àgbá irin tí wọ́n fi ń se omi di ooru, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá bí ooru náà ṣe gbóná tó. Gẹ̀ẹ́sì sọ pé aago tó ń wọn agbára lára àgbá náà ń fi 100 pọ́n-ùn hàn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan. Níbẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Irú aago bẹ́ẹ̀ kì í ka agbára afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rántí láti fi í kún un fúnra rẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé àwọn nọ́ńbà ooru. Adépéjú àti Kàsìmáwò yí i sí 7 báàrì, ìwọ̀n agbára tí àwọn Faransé ń lò. Bí a bá fi ọ̀kan ti afẹ́fẹ́ kún un, 8 ni, 8 sì ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé nọ́ńbà náà, gẹ́gẹ́ bí ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe bọ́ sórí ìlà tirẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni.

Àmọ́ ìwé tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ rónéò ṣọ̀wọ́n lọ́dún náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ní ojú ìwé kan ni kó gba gbogbo rẹ̀. Adépéjú ń gé gbólóhùn kúrú níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Dípò kí ó kọ pé aago ń fi 7 hàn, ó kọ pé agbára tó wà nínú àgbá jẹ́ 7. Ìlà kan ló fi jèrè. Ó gbé e fún Kàsìmáwò, Kàsìmáwò ṣírò rẹ̀, ó rí 170 ìwọ̀n ooru, èyí tó bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu. Ó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Kàsìmáwò ti kọ́kọ́ ka Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe máa ń ṣe láti ọdún mẹ́ta wá. Aago náà ti wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó mú Faransé. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ kà.

Èsì dé ní oṣù kẹsàn-án. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá tó ṣe é, mọ́kànlá kùnà; ìbéèrè yòókù ló gba mẹ́ta là. Ní ọjọ́ kejì, Súbérù wá. Ọ̀kan nínú àwọn tó kùnà ni, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin, ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì ní àdúgbò Banikanni. Ó mú ìwé tó fi ṣírò dání.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò wá jà. Wọ́n ní 7, mo lọ sórí ìlà 7, mo rí 165. Gbogbo wa la rí 165. Ṣé gbogbo wa mẹ́rìnlá la ya òmùgọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo?"

"Jókòó ná."

Ó ṣí àpótí, ó mú Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jáde, ó tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Súbérù rí i pé ó ti gbá etí tábìlì mú.

"Máa lọ sílé," ó wí. "Ìwọ kọ́ lo ṣì í."

Ilé Kàsìmáwò ló gbà lọ tààrà. Ọkùnrin náà ka ìwé méjèèjì, ó tún wọn kà, ó wá ṣí fìlà.

"Èmi náà fọwọ́ sí i, Adépéjú."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Kò tíì sí."

"Ṣé o fẹ́ sọ ọ́? Lọ́dún yìí? O rí bí wọ́n ṣe mú àwọn olùkọ́ méjì tó sọ̀rọ̀ lòdì sí ìwé ìjọba. Wọn ò ní pè é ní àṣìṣe. Sàbòtáàjì ni wọn yóò pè é, pé o mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́. Àwọn ọmọ náà á tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀."

"Kò sí ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá kùnà kò ní àyè kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àdéhùn pẹ̀lú yunifásítì wí."

Kàsìmáwò dé fìlà padà. "Tóò, kọ orúkọ mi sí i," ó wí níkẹyìn, "ṣùgbọ́n kọ tìrẹ ṣáájú." Adépéjú rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi sùn dáadáa. Ó ń rò ó pé bí wọ́n bá mú òun, ta ni yóò máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá òun ní Ṣábẹ̀? Ní ọjọ́ kẹrin, ó kọ ìwé kan sí ilé-ẹ̀kọ́ àti òmíràn sí yunifásítì. Kò tọrọ àánú. Ó kọ gbólóhùn méjèèjì sílẹ̀, ó fi ìṣírò hàn bí ọ̀kan ṣe mú 170 wá tí èkejì sì mú 165, ó sì kọ ọ́ pé ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tọ̀nà fún ìbéèrè tí òun fún wọn.

Adéṣínà pè é sí ọ́fíìsì. Kò ní kó jókòó.

"Ní oṣù kẹfà, o sọ fún mi pé o ò lè yọ ẹ̀tàn kan ṣoṣo. Ta ló wá yọ èyí?"

"Èmi ni."

"Fún ìdí wo? Ta ló rán ọ láti ọ̀hún?"

"Ìlà kan ni mo ń wá, Kàmáráàdì. Ẹ ní kó gba ojú ìwé kan."

Adéṣínà, tó ti ń kọ nǹkan, gbé kálámù sílẹ̀. Òun ló fọwọ́ sí àṣẹ ojú ìwé kan náà. Kò sọ ọ̀rọ̀ sàbòtáàjì mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò ya ìwé tó ti kọ nípa Adépéjú.

Ìdáhùn bàbá àgbà dé láti yunifásítì. Ó ní òun kò lè fún wọn ní máàkì lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ìbéèrè wọn rọrùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Òun kò sì lè fi ìyà àṣìṣe náà jẹ wọ́n. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ṣe ìbéèrè kan ṣoṣo mìíràn, èyí tí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ ṣì lọ́dún kan rí. Kò sì sí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ àfi Adépéjú.

Àgbá irin ni ó tún jẹ́. Wọ́n fún wọn ní fífẹ̀ rẹ̀ láti ìta, 41 íǹṣì, àti nínípọn irin rẹ̀, ìdajì íǹṣì, kí wọ́n wá agbára tó ń ti ìdérí rẹ̀. Fífẹ̀ inú ni wọ́n nílò, ẹgbẹ́ méjèèjì ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ nínípọn kúrò, kí ó ku 40. Ẹni tó bá kánjú á yọ ẹyọ kan. Adépéjú kọ 1020 mìlímítà fún ìta, 10 fún nínípọn, kí inú lè jẹ́ 1000 tó dọ́gba gẹ́gẹ́ bí 40 ṣe dọ́gba. Lọ́tẹ̀ yìí, kò jẹ́ kí Kàsìmáwò rí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ọn, ó sì gbé aago sórí àga.

Kàsìmáwò jáde ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó ń fẹ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà. "Ó tán. Ìbéèrè ọmọdé ni."

Adépéjú wo ibi tó kọ 1010 sí. Ó fi ìka tọ́ka sí i: ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló yọ.

"Háà!" Kàsìmáwò di orí mú. "Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nídìí àgbá irin! Má sọ fún ẹnì kankan ní ilé àtúnṣe."

"Ó ti dára, Ẹ̀gbọ́n," Adépéjú wí. Ó ti jókòó sílẹ̀. "Ó dára gan-an. Ẹ̀tàn náà ṣì wà nínú rẹ̀."

Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tún yege, márùn-ún nínú mọ́kànlá náà sì yege. Mẹ́fà kùnà, Súbérù wà lára wọn. Máàkì méjì péré ló kù kó yege. Ní oṣù kejìlá, ìwé Adépéjú dé: wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé kan lọ́nà Nikki, níbi tí wọn kò ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Wọn kò sọ ìdí. Súbérù wá bá a di ẹrù sínú ọkọ̀.

"Ṣé o kò bínú sí mi?" Adépéjú bi í.

Súbérù fa okùn le, ó dán an wò. "1010 ni mo kọ, Màdáámù. Èyí tèmi ni. Mi ò lè jẹ́wọ́ ti àkọ́kọ́ yẹn fún ìyàwó mi, nítorí kì í ṣe ẹ̀bi mi, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́wọ́ èyí." Ó wo inú ọkọ̀ bóyá àyè ṣì wà. "Ẹ jẹ́ ká gbé tábìlì náà dùbúlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kán lọ́nà."