Iwájú Orí Tí Mo Fi Fìlà Bò

Bí mo ṣe ń fi omi yọ ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé wa ní Igbọ̀nà ni omi ń dà jáde láti ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu mi. Ìyàwó mi figbe ta: "Ẹnu yín ti yí! Rọpárọsẹ̀ rè é o!"

Kí a tó gbéra lọ sílé ìwòsàn, mo rí i nínú dígí pé apá òsì iwájú orí mi náà kò mira mọ́. Mo fa fìlà bò ó, kí dókítà má baà sọ pé ó ti bàjẹ́ jù.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà. Mo fojú tẹ̀ lé ìka rẹ̀, mo yọ ahọ́n, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Kò sí wàhálà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà, kí ẹ hun iwájú orí jọ."

Apá òsì kò hunjọ rárá. Ló bá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀rín kẹ̀?" ni ìyàwó mi wí. "Ìdajì ojú ọkọ mi ló kú!"

"Ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀, Màámi. Ọ̀tún àti òsì ọpọlọ ló jọ ń darí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan iwájú orí. Tó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀, tó sábà máa ń ba apá kan ọpọlọ jẹ́, apá kejì kò ní jẹ́ kó kú, yóò ṣì máa hunjọ. Iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sójú ló wú. Ihò kékeré kan lábẹ́ etí ló ń gbà jáde nínú agbárí, ó wá há síbẹ̀. Oògùn wà fún un."

Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti odò ni mo kọ́ ní yunifásítì láyé ọjọ́un. Mo mọ odò tó ní orísun méjì: bí ọ̀kan bá gbẹ, èkejì á ṣì máa ṣàn. Síbẹ̀, bí ohun tó burú jù ṣe di ìròyìn ayọ̀ ṣì ń dà mí lórí rú.

Ìyàwó mi ki fìlà náà sínú báàgì rẹ̀, kí n má baà tún fi bo nǹkan mọ́lẹ̀. Kò dá a padà títí a fi délé.