Ọmọ Tó Já Bọ́ Lórí Àkàbà Ìṣeré

Bí owú bá ń hù bí irun ni, àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ì bá ti máa fi tiẹ̀ gbálẹ̀. Tíṣà ni, ó sì mọṣẹ́. Àmọ́ tíṣà kan wà ní kíláàsì kejì sí tirẹ̀ tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí Oyin. Bí Àǹtí Oyin bá sín, gbogbo ilé ìwé á ní pẹ̀lẹ́. Bí ọmọ tèmi bá ṣubú, wọ́n á ní kó yàgò lọ́nà. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n sì ti fẹ́ yan igbákejì ọ̀gá ilé ìwé.

Lọ́jọ́ kan, lákòókò ìsinmi, Àǹtí Oyin ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ ní pápá. Ọmọ mi ń máàkì iṣẹ́ lẹ́bàá fèrèsé. Ọmọkùnrin kan gun àkàbà ìṣeré, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ó já bọ́. Igbe tó ké, òrùlé mì tìtì! Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì.

Ọ̀gá ní kí ọmọ mi kọ ìròyìn, torí ó ṣojú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn dé eyín. Ó kọ ọ́ pé: “Àǹtí Oyin kò bìkítà. Ó kẹ̀yìn sí àwọn ọmọ, bí ìṣe rẹ̀.”

Ọ̀gá kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Tíṣà, àìbìkítà, àwọ̀ wo ló ní?”

“Ẹ̀n, mà?”

“O ní o rí i. ‘Bí ìṣe rẹ̀’ ńkọ́, ṣé ojú fèrèsé lo ti rí ìyẹn náà?”

“Ó kẹ̀yìn sí wọn lóòótọ́, mà.”

“Kí ló ń ṣe?”

Ọmọ mi ní, “Ó ń bá ọmọ kékeré kan so okùn bàtà.”

“Kọ ìyẹn. Ohun tó o rí, ohun tó o gbọ́, àti ẹni tó sọ ọ́. Má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìgbìmọ̀ ilé ìwé ló máa kà á, kí wọ́n tó sọ bóyá Àǹtí Oyin á ṣì máa bá wa ṣiṣẹ́.”

Ọmọ mi pè mí lórí fóònù. “Bàbá, bí mi ò bá mẹ́nu kan okùn bàtà ńkọ́? Mi ò parọ́, mo kàn dákẹ́ ni.”

“Èmi tí mo máa ń fi ìwo kún orí ehoro, èmi lò ń bi? Ìtàn ni mò ń pa. Ìwọ, iṣẹ́ ẹlòmíì ló wà lẹ́nu bírò rẹ.”

Ó pòṣé, ó pa fóònù. Àmọ́ ó kọ ọ́, bí ẹni ń yọ eyín ara rẹ̀: àkókò, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, okùn bàtà, pé ọmọ tó já bọ́ fúnra rẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni ò ti òun, pé Àǹtí Oyin ló kọ́kọ́ débẹ̀, kò fa ọwọ́ náà, ìborùn rẹ̀ ló fi gbé e kọ́ ọmọ náà lọ́rùn, ó sì ní kí wọ́n pe ìyá ọmọ. Ó buwọ́ lù ú.

Ìgbìmọ̀ ní ẹnì kan ò lè máa so bàtà kó tún máa ṣọ́ àkàbà. Kí wọ́n máa dúró ní méjì méjì. Wọ́n fi Àǹtí Oyin ṣe igbákejì ọ̀gá. Ta ló sì yàn pé kó máa bá òun dúró ní pápá? Ọmọ mi ni!

“Bàbá, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí mi! Àwọn ọmọ á sá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bíi pé òpó ni mí, wọ́n á lọ rọ̀ mọ́ ọn.”

“Ìwọ ńkọ́, kí lò ń ṣe?”

“Mò ń ṣọ́ àkàbà.”