Ẹni Tó Wò Ó Dópin

Ogún ọdún ni Sísí Abẹ́rẹ́ ti ń ránṣọ. Fídíò kan ṣoṣo ló ṣe, ó fi kọ́ni bí a ṣe ń ran síìpù tí kì í hàn lára aṣọ. Ijó ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ló ṣí i. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣe tirẹ̀ lórí síìpù kan náà. Ọ̀ọ́dúnrún péré.

"Ọ̀ọ́dúnrún!" ni Sísí wí. "Ṣé kì í ṣe ẹbí ọkọ rẹ nìkan ló wò ó ṣá?"

Ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ ìlú wọn fẹ́ yan fídíò kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá ni ín ni yóò di olùkọ́ síìpù. Sísí ti rán aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àbúrò ni wọ́n mú.

Sísí lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. "Ọ̀kẹ́ méjì ló wo tèmi!"

"Wọ́n ṣí i ni, mà," ni ọ̀gá dáhùn. "Nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣí tiyín, mẹ́sàn-án ló dé òpin. Ijó tán, wọ́n bá tiwọn lọ. Ti àbúrò yín, àádọ́rin. Wọ́n sì ń padà sí ìṣẹ́jú kẹta."

"Ẹni tí kò yé ló ń padà!"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ogún akẹ́kọ̀ọ́ ló padà síbẹ̀. Síìpù méjìdínlógún ló tẹ́jú."

Sísí délé, ó sọ aṣọ tuntun náà sínú àpótí. Ọmọ tó fún ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́!

Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí fídíò àbúrò rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹta, àbúrò gbé irin ìlọṣọ, ó lọ ẹ̀yìn síìpù títí eyín rẹ̀ fi nà dúró, kó tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Sísí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó dá a padà. Ó tún dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà.

"Ta ló kọ́ ọ?" ló bi fóònù. "Èmi kọ́."

Ó pa fóònù, ó dá iná sí irin.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá àbúrò rẹ̀ ní kíláàsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀. Ẹ wá wo nǹkan. Lánàá, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣí fídíò mi, ó padà síbi irin lẹ́ẹ̀mẹfà."

"Bóyá ológbò ló tẹ̀ ẹ́." Sísí fa síkẹ́ẹ̀tì kan yọ nínú àpò. "Wo síìpù yìí. Ojú ni kó o fi wò ó, má fẹnu sí i."

Àbúrò wò ó. "Ó tẹ́jú, ẹ̀gbọ́n mi. Àfi ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbí tó ṣù."

"Mo ti rí i." Kò rí i tẹ́lẹ̀. "Níbo lo ti sọ ti ìsàlẹ̀?"

"Ìṣẹ́jú karùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò wò ó dópin ni?"

Sísí fa àga, ó jókòó láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Ṣí i," ló wí. "Má rẹ́rìn-ín."