Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Ṣọ́ Gọ́tà Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ní ọdún àṣekágbá wa nílé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n ní kí olúkúlùkù mú àkòrí iṣẹ́ ẹ̀rọ tí yóò ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú iná òpópónà tí ń fi oòrùn tàn àti ẹ̀rọ tí ń bomi rin ọgbà. Èmi mú gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa ní Mafoluku, nítorí màmá arúgbó kan tí a jọ ń gbé ilé, tí yàrá wọn wà nísàlẹ̀. Aránṣọ ni wọ́n kí ẹsẹ̀ tó dá wọn jókòó. Bí gọ́tà bá ti kún, àfi kí a gbé wọn gòkè.

Mo so sẹ́ńsọ̀ mọ́ òpó lókè gọ́tà. Ó ń rán ìró tí etí ènìyàn kò gbọ́ sí ojú omi, ó sì ń dúró de ìpadàbọ̀ rẹ̀. Pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, olówó pọ́ọ́kú, ń ṣírò àkókò tí ìró náà fi lọ tí ó fi bọ̀. Bí àkókò náà bá ṣe kúrú tó ni omi ṣe ga tó. Bí omi bá kọjá ààlà, fèrè á ké. Páńẹ́ẹ̀lì sólà ló ń fi oòrùn bọ́ bátìrì, kí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ nígbà tí òjò bá ṣú.

Láràárọ̀ ni màmá ń bi mí pé, “Ọkọ mi, ẹ̀rọ ẹ ti jẹun?”

“Ó ti yó, Màmá.”

“Ó gbọ́n jù ẹ́ lọ. Ìwọ kì í jẹun kó o tó jáde.”

Nígbà tí fèrè kọ́kọ́ ké, àwọn aládùúgbò sáré gbé wọn gòkè kí omi tó wọlé.

Àwọn olùkọ́ yin iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ìyìn ni wọ́n ní kí n gbé e wá sí yàrá ìkẹ́rùsí ẹ̀ka wa. Òfin ni: ẹni tí kò bá gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ kò ní rí ìwé ìjáde gbà. Mo ṣàlàyé fún olórí ẹ̀ka pé ẹnì kan ń sùn lábẹ́ ààbò ẹ̀rọ náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àsìkò òjò kọ́kọ́ kọjá.

Ó rẹ́rìn-ín. “Gbogbo yín lẹ ní màmá nílé. Gbé e wá.”

Mo tú u kúrò lórí òpó. Màmá ní kí n má bara jẹ́, kí n lọ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó èròjà jọ láti ṣe òmíràn.

Òjò kò dúró dè mí. Ọ̀sán ló rọ̀, nígbà tí mo wà lórí ìlà láti gba ìwé ìjáde, tí àwọn tí ń gbé màmá gòkè sì wà níbi iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀. Kò sí fèrè. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ohùn wọn. Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n tẹ́ màmá sí nígbà tí mo dé, aṣọ wọn ṣì ń kán omi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà lọ béèrè ẹ̀rọ náà. Àárín òkìtì ẹ̀rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde ṣáájú wa ni mo ti bá a. Lára ògiri ọ́fíìsì, àkòrí mi gan-an wà nínú àwọn àkòrí tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ pé kí wọ́n ṣe é lákọ̀tun. Kí òbí gbogbo mọ ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ wọn ń lọ.

Ògiri ni wọ́n dojú páńẹ́ẹ̀lì náà kọ. Mo fi ọwọ́ nu eruku rẹ̀. Bátìrì ti kú. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e débẹ̀, kò jẹun.