Ìdáhùn fún Àwọn Tó Bá Wa Kẹ́dùn

Obìnrin tó ń gbé fóònù ní ilé-iṣẹ́ omi ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pè é níbi iṣẹ́. Ẹ-jọ̀ọ́-ẹ-dúró ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó so ẹni tó pè pọ̀ mọ́ ọ̀gá tó ń wá. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ẹni tí omi ò yọ nílé rẹ̀ á pè, á bú u, á bú ìyá tó bí i mọ́ ọn, òun á ní, "Ẹ má bínú, sà. Àdúgbò wo lẹ̀ ń gbé?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ikú bá pe ilé-iṣẹ́ omi lọ́jọ́ kan, Ẹ-jọ̀ọ́-ẹ-dúró á ní kó ní sùúrù, ọ̀gá ò tíì dé.

Ikú ò pe ilé-iṣẹ́ omi. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yà sí.

Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn ti lọ. Bí wọ́n bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ̀gbọ́n á bọ́ sí ọwọ́ tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, á ti àbúrò sí ọwọ́ inú, kódà nígbà tí àwọn méjèèjì ti ń hu ewú. Ọkàn ló yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ti dágbére fáyé.

Ọkọ rẹ̀ ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé. Bàbá Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe sin ìyàwó rẹ̀ tán ni àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé agbẹ̀bí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ilé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ò pọ̀. Àwọn tó gbẹ̀bí wọn kọ̀wé, àwọn tó gbẹ̀bí ìyàwó wọn kọ̀wé, títí dé orí àwọn ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbà, tí àwọn náà ti ń tọ́mọ. Bàbá Aláago ní òun fúnra òun lòun máa dá gbogbo wọn lóhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹ-jọ̀ọ́-ẹ-dúró yà síbẹ̀, ó bá ọmọbìnrin olóògbé lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà ti dàgbà, olùkọ́ ni, kì í ṣe ẹni tí ẹkún ń yá lára. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wú.

"Àǹtí, ẹ bá mi bá Dádì sọ̀rọ̀," ló wí. "Gbogbo ẹni tó bá kí wọn ló ń bèèrè pé kí ló ṣe Màmá. Dádì á sì ròyìn ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Láti àárọ̀, àìmọye ìgbà ni Màmá ti kú nínú ilé yìí."

Ó wọlé. Ó bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga, fóònù lọ́wọ́, oúnjẹ níwájú tí kò fọwọ́ kàn. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé fóònù yẹn."

"Rárá o. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í jẹ́ kí ìkíni sùn. Bó o bá kí i láàárọ̀, kò ní í jẹ́ kó di ọ̀sán kó tó dá ẹ lóhùn. Wọ́n á ní ó kú tán, ọkọ ẹ̀ wá ń gbéra ga."

"Ẹni tó kí ọlọ́fọ̀ kì í jókòó ti èsì, Bọ̀dá. Ó fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òun gbọ́ ni."

"Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé kò dùn ẹ́ ni?"

"Iṣẹ́ mi ni kí n máa dá èèyàn lóhùn," ló wí, ó sì yẹ ojú kúrò lára rẹ̀. "Mi ò ní í díbọ́n pé ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ ọ́. Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀yin náà lẹ máa gbọ́ ọ kó tó lọ."

Bàbá Aláago wo fóònù náà títí, ó wá nà án sí i.

Wọ́n jọ gbé ọ̀rọ̀ tó máa lọ sọ́dọ̀ gbogbo èèyàn kalẹ̀. Ó kọ ọ́, ó kà á sókè: "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí wa. A rí ọ̀rọ̀ yín, ó sì tù wá nínú. Bàbá Aláago ń sinmi, ẹ má bínú pé ẹ ò tíì gbọ́ ohùn wọn. Ẹ má ṣe ìyọnu láti fèsì sí èyí. Èmi àbúrò olóògbé ni mo kọ ọ́ fún ìdílé."

"Fi kún un pé màá pe olúkúlùkù wọn tó bá yá."

"Ẹ má ṣèlérí, Bọ̀dá. Bí ẹ bá rí okun pè wọ́n, inú wọn á dùn. Bí ẹ ò bá rí i, kò sí gbèsè lọ́rùn yín."

Bàbá Aláago mi orí. "Ó dáa. Wá fi kún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ràn wọn. Òótọ́ nìyẹn." Ó fi kún un.

Láti ọjọ́ náà, tábìlì iyàrá àlejò di ibi iṣẹ́ kejì fún Ẹ-jọ̀ọ́-ẹ-dúró. Ó gba ìsinmi díẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó pa ohùn fóònù náà, kó má baà máa dún sí etí ẹni tó fẹ́ sùn. Ẹni tó bá kí wọn ní ṣókí, ó fi orúkọ onítọ̀hún síwájú ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ kọ, ó fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá bèèrè ohun tó pa á, ó kọ ọ́ sí i pé, "Àìsàn ni, kò pẹ́ rárá. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣì wúwo lẹ́nu wa, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè." Ẹni tó bá fẹ́ wá, ó ní kó wá nírọ̀lẹ́, kó má sì pẹ́. Ẹni tó bá ní kí lòun lè ṣe, ó yan nǹkan kan fún un: kó bá wọn fọ aṣọ, tàbí kó wá jókòó ti Bàbá Aláago láìsọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń fi àdúrà gígùn àti àwòrán òdòdó ránṣẹ́ ní gbogbo òwúrọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà bèèrè pé ṣé ọkùnrin ọ̀hún ò ní í bínú. Ó ní, "Bó bá ń bínú, a ò ní í rí òdòdó lọ́la." Lọ́jọ́ kejì, òdòdó dé.

Àwọn tó sọ ìtàn ló gba àkókò lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan kọ̀wé pé agbẹ̀bí náà bá òun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí àga ò rọ òun lọ́rùn. Òmíràn ní nígbà tí ọmọ òun ò yè, agbẹ̀bí náà nìkan ni kò sọ pé kóun ṣe ọkàn gírí. Ṣe ló kàn di òun lọ́wọ́ mú títí ilẹ̀ fi ṣú. Irú àwọn wọ̀nyí, kò fún wọn ní ọ̀rọ̀ tó fún àwọn yòókù. Ó mú nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n sọ, ó dá a padà fún wọn: "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì yín." Ó sì ń tọ́jú wọn sí ojú kan, fún ìgbà tí Bàbá Aláago bá fẹ́ kà wọ́n.

Bí Ẹ-jọ̀ọ́-ẹ-dúró ṣe ń kà wọ́n ni àárò ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kan tí kò mọ̀ rí ló ń pàdé nínú àwọn ìtàn yẹn, ẹni kan ṣoṣo tó sì fẹ́ sáré ròyìn rẹ̀ fún ni ẹ̀gbọ́n náà gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ á lọ sórí fóònù tirẹ̀ láti pè é, á wá rántí.

Ní òwúrọ̀ kan, fóònù olóògbé fúnra rẹ̀ dún. Ọmọbìnrin náà gbé e wá. Ìyá ọmọ titun kan ló kọ̀wé: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ò mu ọyàn láti àná, ara ẹ̀ sì ń gbóná. Kí ni kí n ṣe?"

Kò tíì gbọ́. Ẹ-jọ̀ọ́-ẹ-dúró kò sọ ọ̀rọ̀ ikú fún un. Ó kọ ọ́ kíá: "Àbúrò wọn ló ń kọ̀wé. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn báyìí, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ n gbọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀." Gbogbo ọjọ́ náà ni fóònù ọ̀hún kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni obìnrin náà tó kọ̀wé pé wọ́n gbà wọ́n sílé ìwòsàn, ara ọmọ ti ń balẹ̀, ó ti ń mu ọyàn. Ìgbà náà ni Ẹ-jọ̀ọ́-ẹ-dúró wá pè é, tó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ikú fún un.

Obìnrin náà sunkún, ó wá ní, "Mo ní ohùn wọn lórí fóònù mi. Lọ́jọ́ tí mò ń rọbí ni, ẹ̀rù ń bà mí, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ, àbí ó máa dùn yín jù?"

"Ẹ jẹ́ n bèèrè ná," ló wí.

Ó lọ bá Bàbá Aláago ní ṣọ́ọ̀bù. "Ẹnì kan ní ohùn Ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Kò sí dandan, Bọ̀dá."

"Kí ló sọ?"

"Mi ò tíì gbọ́ ọ."

Ó yí kọ́kọ́rọ́ aago kan, ó tún un yí. "Jẹ́ kó wà ná."

Ó wà bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ti fi í ránṣẹ́ kó má baà sọnù, Ẹ-jọ̀ọ́-ẹ-dúró kò sì fọwọ́ kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan ò lọ kí ọkàn rẹ̀ má fà sí i bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ. Ó ní kò tọ́ kóun ṣáájú ọkọ ẹ̀gbọ́n òun gbọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, Bàbá Aláago ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó wá jókòó sí tábìlì náà.

"Gbé e wá."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ. Ohùn náà yọ, bí ẹni pé ó wà ní iyàrá kejì: "Mo ń bọ̀, ìyá ọmọ. Mí sínú díẹ̀díẹ̀. Má bá a jà, jẹ́ kó wá kó sì kọjá lọ." Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ọkùnrin kan ń kùn lọ́ọ̀ọ́kán. Agbẹ̀bí náà rẹ́rìn-ín. "Má dá a lóhùn, ọkọ mi ni. Gíláàsì ojú rẹ̀ ló ń wá, orí ẹ̀ ló sì wà."

Bàbá Aláago rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ń lọ, ó ń lọ, ó di ẹkún. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Èyí, èmi ni màá dá a lóhùn." Ó gbé fóònù sẹ́nu. "Ẹ ṣeun, ìyá ọmọ. Ẹ bá mi kí ọmọ náà." Ohùn rẹ̀ gé síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fi í ránṣẹ́. Àwọn tó kù, ó ní kí àbúrò máa bá a lọ.

Ọmọbìnrin náà ń wo Àǹtí rẹ̀ nígbà tó tún fa fóònù mọ́ra.

"Àǹtí, fóònù tiyín dà?"

"Ó wà nínú báàgì."

"Àwọn ará ibi iṣẹ́ yín ò kí yín ni?"

Ó ń tẹ fóònù Bàbá Aláago lọ. Ọmọ náà ṣí báàgì, ó yọ ọ́ jáde. Ìkíni ti pọ̀ lórí rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ilé-ìwé. Kò tíì ṣí ẹyọ kan. Ọmọ náà fa àga mọ́ tábìlì, ó jókòó tì í.

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Èmi ni mo máa dá wọn lóhùn fún yín. Kí ni kí n kọ?"

Obìnrin tó ti wá ọ̀rọ̀ tó tọ́ fún gbogbo ayé ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń gbà wọlé. 

"Sọ fún wọn pé mo dúpẹ́," ló wí. "Sọ fún wọn pé àárò rẹ̀ ń sọ mí."